Ìlà ẹyin mẹ́fà ní Kuje: bí oǹkà Johnson ṣe pa gílíìṣì inú ẹ̀rọ kéréètì mi

Màmá kan tó ń sin adìyẹ ẹlẹ́yin ní Kuje ló gbé iṣẹ́ yìí fún mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọ́n sì ti ń gbé Àbújá kí èmi tó dé. Ẹyin wọn máa ń yí bọ̀ lórí pákó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á gba ojú sẹ́ńsọ̀ kọjá, á sì tò sórí àwo tóóró olójú mẹ́fà. Bí mẹ́fà bá pé, apá onímọ́tò kan á ti gbogbo wọn sínú kéréètì, kéréètì náà á sì sún síwájú ní ìlà kan. Ìlà márùn-ún ló wà nínú kéréètì, ẹyin mẹ́fà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ọgbọ̀n ẹyin lápapọ̀.

Alágbẹ̀dẹ ló ṣe irin rẹ̀. Tèmi ni kí n ka ẹyin dé mẹ́fà, kí n sì sọ fún apá yẹn pé, "Ó yá, tì í." Mo rò pé ọjọ́ kan ni máa fi parí ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níbí fún ẹni tó bá máa fi oǹkà ti nǹkan gidi, tí kì í ṣe iná lásán.

1. Bí mo ṣe kọ́kọ́ ṣe é

Oǹkà CD4024 ló wà lọ́wọ́ mi, èmi náà sì lò ó. Oǹkà alátagbà ni, àwọn fílípù-fílọ́ọ̀pù tó ń rántí 0 tàbí 1 ló tò tẹ̀ léra nínú rẹ̀: fílípù-fílọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ ló ń gba ẹyin, bí ó bá já wálẹ̀ ni yóò ta èkejì jí, èkejì náà á ta ẹ̀kẹta jí. Mo lo okùn mẹ́ta nínú rẹ̀, Q0, Q1 àti Q2, mo sì so ó pé kí ó padà sí òdo bí ó bá ti dé mẹ́fà. Géètì olójú mẹ́ta kan láti inú CD4025 ń ṣọ́ ìgbà tí okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà ní òdo, nítorí ìgbà yẹn ni ìlà pé. Ìdáhùn géètì yìí ló ń ta fílípù-fílọ́ọ̀pù kan nínú CD4013 jí, òun ló sì ń di rìlé apá mú títí apá á fi parí iṣẹ́ rẹ̀. Fólítì 5 ni mo fi ń bọ́ gbogbo wọn.

Lórí tábìlì mi ní Lugbe, mo so iná lẹ́ẹ̀dì mọ́ géètì yẹn, mo ń fi ọwọ́ tẹ bọ́tìnì. Ó ń tàn ní ìgbà kẹfà, kò tàn ní ìgbà mìíràn. Mo gbà pé ó ti dára. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn: ojú èèyàn kò lè rí ohun tó tàn fún ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, ṣùgbọ́n fílípù-fílọ́ọ̀pù rí i.

2. Sẹ́ńsọ̀ ni mo kọ́kọ́ fura sí

Ní oko, apá ń tì kí ìlà tó pé, kì í sì í ṣe nígbà gbogbo. Ìlà méjì á dára, ìkẹta á ní àlàfo. Mo ní sẹ́ńsọ̀ ló ń ka ẹyin kan lẹ́ẹ̀mejì. Mo pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ₦2,500 lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi CD40106 sáàárín láti nu ẹnu àmì rẹ̀ mọ́. Kò yí padà.

Ọmọ tó ń bá Màmá tò ẹyin ló là mí lójú. Hausa ló fi sọ ọ́: "Ọ̀gá, bíyú ne, ko hudu." Méjì ni, tàbí mẹ́rin. Mo jókòó tì í fún ìdajì wákàtí, mo ń kọ iye ẹyin tó wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan tó bàjẹ́. Òótọ́ ni. Kò sí ẹyọ kan, kò sí mẹ́ta, kò sí márùn-ún. Bó bá jẹ́ sẹ́ńsọ̀ ló ń ka àkàtúnkà, ìlà tó ní márùn-ún ni ì bá pọ̀ jù. Ohun mìíràn tó yẹ kí n ti rí ni pé, bí apá bá ti ẹyin méjì lọ ní àṣìṣe, ẹyin mẹ́rin ló ń tẹ̀ lé e kí ó tó tún tì. Méjì pẹ̀lú mẹ́rin, mẹ́fà. Oǹkà ń ka dáadáa. Ẹni tó ń túmọ̀ ohun tó kà ló ń purọ́.

3. Mo rí gílíìṣì náà

Mo yá ẹ̀rọ kékeré onókùn mẹ́jọ tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, èyí tó ń wo àmì ní mílíọ̀nù 24 ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo ṣí `PulseView`, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán àmì, mo so okùn mẹ́ta oǹkà àti ìdáhùn géètì mọ́ ọn. Dípò ẹyin, mo ń yí bọ́ọ̀lù tẹníìsì orí tábìlì lórí pákó náà, kí ẹyin Màmá má baà tán.

Bí mo ṣe sún ojú àwòrán náà mọ́ ibi ẹyin kejì, ó hàn gbangba. Láti 1 sí 2, àmì méjì ló gbọ́dọ̀ yí: Q0 á wálẹ̀, Q1 á gòkè. Ṣùgbọ́n nínú oǹkà alátagbà, wíwálẹ̀ Q0 ló ń ta Q1 jí. Nítorí náà Q0 á kọ́kọ́ wálẹ̀, Q1 á sì pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gòkè. Láàárín àwọn méjèèjì, òdo ni gbogbo okùn. Báyìí ló rí, a ń kà á bí Q2 Q1 Q0:

```
ẹyin 2:  001 -> 000 -> 010
ẹyin 4:  011 -> 010 -> 000 -> 100
```

`000` tó wà láàárín yẹn ni gílíìṣì, àmì èké tí kò ju nǹkan bí 100 nánósẹ́kọ́ńdì lọ. Géètì rí òdo mẹ́ta, ó sì kígbe pé ìlà ti pé. Kì í ṣe ẹ̀bi géètì, ohun tó rí ló sọ. Ní ẹyin kẹta àti ìkarùn-ún, Q0 nìkan ló ń gòkè, kò sí àlàfo kankan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ méjì àti mẹ́rin ni ìlà tó ń bàjẹ́.

Kí ló dé tí kì í fi ṣe gbogbo ìgbà? CD4013 ní ìwọ̀n àmì tó kúrú jù tó lè gbà ní fólítì 5: èyí tó bá tó 140 nánósẹ́kọ́ńdì, dandan ni kó gbà á, èyí tó bá tó ìdajì ìyẹn, ó lè gbà á, ó sì lè má gbà á. Gílíìṣì mi wà ní agbedeméjì. Ó ń mú un nígbà mìíràn, ó ń fo ó nígbà mìíràn.

4. Kàpásítọ̀ tí mo fi lẹ̀ ẹ́

Mo fi rẹ̀sítọ̀ 10k àti kàpásítọ̀ 10nF sí ẹnu géètì kí ó gbé gílíìṣì mì. Ó gbé e mì lóòótọ́. Ìlà oníméjì àti onímẹ́rin dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, apá bẹ̀rẹ̀ sí í tì lẹ́ẹ̀mejì léraléra lórí àwo òfìfo. Mo ti sọ ẹnu àmì tòótọ́ di ọ̀lẹ: ó ń gba 100 máíkírósẹ́kọ́ńdì kí ó tó gòkè, bẹ́ẹ̀ CD4013 kò fẹ́ kí kílọ́ọ̀kì rẹ̀, àmì tó ń ta á jí, gòkè pẹ́ ju máíkírósẹ́kọ́ńdì 15 lọ ní fólítì 5. Bí ó bá ń gòkè jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, ariwo díẹ̀ láti ara mọ́tò lè mú kó dà bí ẹni pé ó gòkè lẹ́ẹ̀mejì.

Mo lè fi ọ̀kan nínú géètì CD40106 tún ẹnu rẹ̀ ṣe, ì bá sì ṣiṣẹ́. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Irọ́ náà á ṣì máa wáyé nínú, èmi á kàn ti dí i lẹ́nu. Mo fẹ́ oǹkà tí kò ní irọ́ nínú láti ìpìlẹ̀.

5. Òrùka tí a lọ́

Oǹkà Johnson ni mo yàn. Fílípù-fílọ́ọ̀pù mẹ́ta ni, A, B àti C, gbogbo wọn sì ń gba kílọ́ọ̀kì kan náà ní ìgbà kan náà. A ń fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún B, B ń fi fún C. Bí C bá fi tirẹ̀ padà fún A bó ṣe wà, òrùka lásán ni. Ṣùgbọ́n òdìkejì ohun tó wà lọ́wọ́ C ni a ń dá padà fún A. Ẹni tó bá ti lọ́ ọ̀já lẹ́ẹ̀kan kí ó tó so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀ mọ bí ó ṣe rí: ẹ̀yìn á bọ́ síwájú, o ní láti yí i po lẹ́ẹ̀mejì kí o tó padà síbi tí o ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí fílípù-fílọ́ọ̀pù mẹ́ta fi ń ka mẹ́fà, tí márùn-ún fi ń ka mẹ́wàá. Mẹ́fà gan-an ni mo sì ń wá.

```
ẹyin   A B C
 0     0 0 0
 1     1 0 0
 2     1 1 0
 3     1 1 1
 4     0 1 1
 5     0 0 1
 6     0 0 0
```

CD4013 kan ní fílípù-fílọ́ọ̀pù méjì. Áísì méjì fún mi ní mẹ́rin: mẹ́ta fún oǹkà, ìkẹrin fún dídi rìlé mú. A ni ìdajì àkọ́kọ́ áísì kìíní, B ni ìdajì kejì rẹ̀, C ni ìdajì àkọ́kọ́ áísì kejì. Ẹsẹ̀ 3 àti 11 áísì kìíní pẹ̀lú ẹsẹ̀ 3 áísì kejì ni kílọ́ọ̀kì. Ẹsẹ̀ 1 áísì kìíní lọ sí ẹsẹ̀ 9 rẹ̀, ẹsẹ̀ 13 rẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ 5 áísì kejì. Lílọ́ náà wà nínú wáyà kan ṣoṣo: ẹsẹ̀ 2 áísì kejì padà sí ẹsẹ̀ 5 áísì kìíní.

Àṣìṣe méjì ni mo ṣe níbí. Mo gbàgbé láti so ẹsẹ̀ 6 áísì kejì mọ́lẹ̀, èyí tó ń fi tipátipá gbé C sókè. Bí mo bá na ọwọ́ sún mọ́ bọ́ọ̀dù, C á tàn fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ 6 àti 8 áísì méjèèjì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, ẹ má fi ọ̀kankan sílẹ̀ ní afẹ́fẹ́. Èkejì ni pé CD4024 ń kà nígbà tí àmì bá wálẹ̀, CD4013 ń kà nígbà tí ó bá gòkè. Mi ò ro ìyẹn. Oǹkà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹyin nígbà tó ń wọ ojú sẹ́ńsọ̀ dípò ìgbà tó ń jáde, apá sì tì nígbà tí ẹyin kẹfà kò tíì jókòó. Ẹyin kan fọ́. Mo gba àmì náà kọjá nínú géètì CD40106 kan sí i kí ó lè yí, ó sì parí.

6. Ìdí tí géètì yìí kò fi ní purọ́

Nínú ipò mẹ́fà wọ̀nyí, 000 nìkan ni A àti C ti jọ wà ní òdo. Nítorí náà géètì mi kò nílò okùn mẹ́ta mọ́, méjì tó o. Ipò kọ̀ọ̀kan ló ní okùn méjì tirẹ̀ báyìí: ipò 1 ni A wà lókè tí B wà nílẹ̀, ipò 2 ni B wà lókè tí C wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí 1 ti pàdé 0 ni géètì ń wò, yàtọ̀ sí 000 àti 111 tó jẹ́ pé etí méjèèjì ló ń wò.

Ẹ bá mi tẹ̀ lé géètì òdo. Ẹ wo A àti C bí ọdẹ méjì tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn kan. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wà lókè, ilẹ̀kùn tì. Ẹyin 1 gbé A sókè, ilẹ̀kùn tì. Ẹyin 2 gbé B sókè, èyí kò kan ilẹ̀kùn. Ẹyin 3 gbé C sókè, ọdẹ wá di méjì. Ẹyin 4 ni A tó lọ sílé, ṣùgbọ́n C ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ìgbà ẹyin 3. Ẹyin 5 sọ B kalẹ̀, C ò mira. Ẹyin 6 ni C lọ, ilẹ̀kùn sì ṣí lẹ́ẹ̀kan, ní ìgbà tó yẹ.

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Nínú oǹkà alátagbà, ọdẹ àkọ́kọ́ ń kúrò kí ọdẹ kejì tó dé, ilẹ̀kùn sì ń ṣí sílẹ̀ fún 100 nánósẹ́kọ́ńdì. Nínú òrùka tí a lọ́, ọdẹ kejì ti dé ní odidi ẹyin kan ṣáájú kí èkíní tó lọ. Bí fílípù-fílọ́ọ̀pù kan bá lọ́ra ju èkejì lọ, bí ooru bá mú áísì, bí wáyà kan bá gùn, kò sí èyí tó lè jẹ odidi ẹyin kan. Fílípù-fílọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ló ń yí nígbà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kò sí okùn méjì tó ń bá ara wọn sáré wọ inú géètì. Ojú Q àti òdìkejì rẹ̀ lára fílípù-fílọ́ọ̀pù kan náà kì í yí ní ìgbà kan náà gan-an, ṣùgbọ́n kò sí géètì kankan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ń wo méjèèjì pọ̀.

Mo tún so `PulseView` mọ́ ọn, mo yí bọ́ọ̀lù 600 kọjá. Géètì gòkè ní ìgbà 100 gééré. Kò sí gílíìṣì kankan nínú ohun tí ẹ̀rọ náà lè rí.

7. Méjì-méjì padà wá

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tí mo gbé e lọ sí oko, Màmá pè mí láàárọ̀. "Ọmọ mi, ẹ̀rọ yìí ti tún bẹ̀rẹ̀ o. Méjì-méjì ló ń tì." Iná ti lọ ní òru, wọ́n sì tan jẹnẹrétọ̀ ní àárọ̀. Ọkàn mi bàjẹ́ gidigidi, mo rò pé gbogbo ohun tí mo gbàgbọ́ nípa òrùka yìí kò rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo rí ìyàtọ̀. Ti tẹ́lẹ̀ ń wá ó ń lọ. Èyí kò yẹsẹ̀: gbogbo ìlà ló ní ẹyin méjì pátápátá. Mo ti fi iná lẹ́ẹ̀dì sí ara A, B àti C. Ó yẹ kí iná máa kún láti òsì, kí ó sì tún máa ṣófo láti òsì. Ohun tí mo rí ni àárín nìkan, lẹ́yìn náà etí méjèèjì, lẹ́yìn náà àárín nìkan.

Okùn mẹ́ta lè ní ipò mẹ́jọ. Òrùka ń lo mẹ́fà, méjì ṣẹ́ kù níta: 010 àti 101. Bí iná bá dé tí fílípù-fílọ́ọ̀pù bá jí sí 010, kílọ́ọ̀kì kan á gbé e sí 101, òmíràn á dá a padà sí 010, kò sì ní jáde láéláé. Ní 010, A àti C jọ wà ní òdo, nítorí náà géètì mi ń ṣí ní gbogbo ẹyin méjì. Géètì olókùn méjì kò lè dá 010 mọ̀ yàtọ̀ sí 000. Ìlérí pé okùn méjì tó dúró lórí pé oǹkà kò kúrò nínú ipò mẹ́fà rẹ̀, èmi kò sì ṣe ohun tó máa dá a dúró síbẹ̀. Bí fílípù-fílọ́ọ̀pù bá jẹ́ márùn-ún, ipò 22 ló wà níta nínú 32.

Mo ṣe ohun méjì. Lákọ̀ọ́kọ́, kàpásítọ̀ 100nF láti iná sí ẹsẹ̀ ìpadà-sódo (4 àti 10 áísì kìíní, 4 áísì kejì), rẹ̀sítọ̀ 100k láti ibẹ̀ sílẹ̀. Bí iná bá dé, gbogbo wọn á wà ní òdo fún nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Mo gba inú dáyódù 1N4148 kan so ó mọ́ ẹsẹ̀ 10 áísì kejì pẹ̀lú, èyí tó ń tú rìlé sílẹ̀. Láìṣe bẹ́ẹ̀, 000 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ á mú kí apá tì lórí òfìfo.

Ìyẹn nìkan kò tó, nítorí mọ́tò apá lè ta ariwo sínú bọ́ọ̀dù lẹ́nu iṣẹ́, kí oǹkà sì fò síta. Ohun kejì ni kí C má kàn gba ohun tí B bá fún un. Bí A àti C bá jọ wà ní òdo, C ò gbọdọ̀ gba 1:

```
D_C = B AND (A OR C)
```

Mo dán ipò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò pẹ̀lú bírò, kò yí ọ̀kankan padà. 010 á lọ sí 100, tó jẹ́ ipò tòótọ́. 101 á lọ sí 010, lẹ́yìn náà 100. Ẹyin méjì pẹ́rẹ́, ó ti padà sọ́nà. Inú mi dùn sí i pé CD4011 kan tó fún gbogbo rẹ̀: géètì kan ń fún mi ní A OR C láti ojú òdìkejì A àti C, èkejì yí i padà di àmì ìlà-pé, ẹ̀kẹta àti ìkẹrin fi B mọ́ ọn fún C. Géètì mẹ́rin, kò ṣẹ́ ku ọ̀kan.

Láti dán an wò, mo tú ẹsẹ̀ 8 áísì kìíní kúrò nílẹ̀, mo fi wáyà tẹ̀ ẹ́ mọ́ iná fírí nígbà tí gbogbo wọn wà ní òdo, mo sì dá a padà sílẹ̀. B nìkan tàn. Bọ́ọ̀lù kan kọjá, A nìkan tàn. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ló padà.

8. Owó, àti bó ṣe wà báyìí

CD4013 méjì, ₦1,200. CD4011, ₦500. CD40106, ₦600. Féróbọ́ọ̀dù, ₦800. Rẹ̀sítọ̀, kàpásítọ̀, dáyódù àti lẹ́ẹ̀dì, ₦900. Alábà ni mo ti rà á, wébíìlì ọkọ̀ dé páàkì Jabi jẹ́ ₦3,000. ₦7,000 lápapọ̀. ₦5,000 tí mo ná sórí sẹ́ńsọ̀ méjì tí kò ṣẹ̀ mí kò sí nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá ń ka mẹ́wàá, ẹ má ṣe ìyọnu yìí. CD4017 jẹ́ oǹkà Johnson oní-fílípù-fílọ́ọ̀pù márùn-ún, géètì mẹ́wàá ti wà nínú rẹ̀, ohun tó ń fà á padà láti ipò ìta náà ti wà nínú rẹ̀. CD4022 wà fún mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi okùn ìpadà-sódo gé CD4017 kúrú sí mẹ́fà, ìfò láti ipò tó kẹ́yìn sí òdo kì í ṣe fílípù-fílọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ló ń yí níbẹ̀ mọ́. Ẹ ṣọ́ra fún ohun tí ẹ bá so mọ́ àwọn ẹsẹ̀ ìdáhùn rẹ̀ ní àsìkò yẹn.

Òrùka yìí kò sì lè tún sẹ́ńsọ̀ ṣe. Bí ẹyin kan bá gbọ̀n lójú sẹ́ńsọ̀ tó sì ta àmì méjì, méjì ni oǹkà á kà. Mo ṣì rí ìlà onímárùn-ún kan ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹyin kékeré kan ló fò sókè lórí pákó. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo tẹ́ sí ibẹ̀.

Láti ọjọ́ tí CD4011 ti wọ bọ́ọ̀dù, oṣù méjì ti kọjá, wọ́n sì ń tan jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta lójúmọ́. Màmá ò tíì pè mí lórí ìlà oníméjì tàbí onímẹ́rin.